Àbọ̀ ọ̀rọ̀ owó oṣù èmi àti Ṣadé

“Iléèwé aládàáni kan náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kíláàsì kan náà. Ẹgbẹ̀rún 38 ni tèmi, 70 ni ti ọ̀rẹ́ mi. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ ṣé o. Ṣadé fúnra rẹ̀ ló gbé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ wá. 2021 ni tèmi. Lẹ́yìn òfin ọdún 2024 tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà ni wọ́n gba òun. Ẹni tó ní kí n fi òfin mú wọn rí ìdajì rẹ̀ ni: òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀, a ò sì tó bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ṣadé, mo fi lẹ́tà méjèèjì han ọ̀gá. Ó sọ tèmi di 55. Ó ní ìyókù di sáà tuntun. Ó ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí Ṣadé.