Ìfòpinsí, ìmúbáramu tàbí ìgbémì: kí la ó pe rẹ̀sísítọ̀ tó ń pa ìtapadà àmì?

Ìbéèrè (atúmọ̀ èdè)
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń túmọ̀ ìwé fún àwọn tó ń ya pátákó sákíìtì. Ó ní bí àmì dígítà bá yára lórí ìlà bàbà, ó lè dé òpin ìlà kó sì padà sẹ́yìn, àfi tí a bá "tẹmínéètì" ìlà náà. Mo kọ "ìtànpadà àmì" àti "ìfòpinsí ìlà". Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ èdè
Ìfòpinsí kò dùn mọ́ mi. Ohun tí a fòpin sí ti tán nìyẹn. Bó bá jẹ́ àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé ìlà kan nínú ìwé ti parí lẹ ń wí, "ìparí ìlà" ti tó.

Ẹnjiníà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kì í ṣe ìlà ìwé. Ìlà bàbà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìlà kan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ ti máa jáde.

Ìlà náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, àmì á sì rìn ín já láàárín nánósẹ́kọ́ńdì 1. Bí a ṣe fẹ̀ ẹ́ àti bó ṣe jìnnà sí bàbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún un ní ìdènà àbínibí óòmù 50. Mítà yín kò lè wọn ìyẹn. Ìgbì tó ń rìn nìkan ló ń bá a pàdé. Ṣíìpù tó ń ránṣẹ́ ní fóòtì 3.3, ìdènà inú rẹ̀ sì jẹ́ óòmù 17. Nítorí náà fóòtì 2.46 ló kọ́kọ́ gbéra. Ní òpin, ẹnu ṣíìpù tó ń gbà á kì í fa iná, ìgbì náà kò ríbi gbà, ó ta padà, fóòtì ibẹ̀ sì fò sókè sí 4.93. Ó padà dé orísun, óòmù 17 kò bá 50 mu, ó tún ta padà, ṣùgbọ́n ní òdì. Òpin wá já sí 2.50, ó tún gòkè sí 3.69, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi rọlẹ̀ sí 3.3. Ẹ wo 4.93 yẹn lórí ṣíìpù tí a ṣe fún 3.3.

Ẹ wá fi rẹ̀sísítọ̀ óòmù 33 sí ẹnu ṣíìpù tó ń ránṣẹ́. 17 àti 33 di 50. Fóòtì 1.65 ló máa gbéra, á di 3.3 ní òpin, á ta padà, á sì kú sí orísun. Ẹ rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ ni rẹ̀sísítọ̀ náà wà. Báwo la ṣe fẹ́ pè é ní ìfòpinsí? "Ìtànpadà" náà, ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn. "Ìtapadà" ni mo fara mọ́, bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta padà lára ògiri.

Akẹ́kọ̀ọ́
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mẹ́gáhẹ́tísì 1 péré ni tèmi. Ṣebí àmì tó yára gan-an lèyí kàn?

Ẹnjiníà
Ìyára wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe iye ìgbà tí àmì ń yípadà. Ìyára tó fi ń gòkè láti òdo sí 3.3 ni. Tó bá gba nánósẹ́kọ́ńdì 1, tí àlọ àti àbọ̀ orí ìlà sì gba 2, ìtapadà á hàn, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ lẹ ń ránṣẹ́. Tó bá gba 20, ẹ lè má rí nǹkan kan. Ẹ fi osilosíkóòpù wò ó, ṣùgbọ́n kí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kúrú gan-an, torí èyí tó gùn máa ń dá ìgbọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀.

Mẹkáníìkì
Nínú ọkọ̀ ńkọ́? Wáyà KÁÀNÙ, wáyà méjì tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ní óòmù 120 ní orí kìíní àti orí kejì. Bí mo bá pa ọkọ̀ tí mo fi mítà sí àárín wáyà méjèèjì, 60 ni mo ń retí. Tí mo bá rí 120, mo mọ̀ pé ọ̀kan ti já. "Olórí wáyà" là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Olùkọ́ èdè
Ó ti yé mi wàyí. Ti ọkọ̀ wà ní òpin méjèèjì, ti ẹnjiníà wà ní orísun, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe: wọ́n ń gbé ìgbì mì. "Ìgbémì" ńkọ́? Kí rẹ̀sísítọ̀ náà máa jẹ́ "agbégbìmì".

Atúmọ̀ èdè
"Ìgbémì" wù mí, ẹ̀rù àmì ohùn ló ń bà mí. Ẹni tí kò bá rí àmì orí rẹ̀ á kà á sí "gbé mi". Ẹ jẹ́ ká sọ pé "ìmúbáramu".

Ẹnjiníà
Ìmúbáramu dáa fún 17 àti 33 tó di 50. Àmọ́ kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìgbì. Bí ṣíìpù mìíràn bá sì so mọ́ àárín ìlà yẹn, 1.65 ló máa rí fún nánósẹ́kọ́ńdì 1 gbáko kí ìtapadà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ àmì aago tí ṣíìpù fi ń ka ìṣísẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbà, ó lè ka ẹyọ kan sí méjì. Ìlà bẹ́ẹ̀, òpin ni mo máa ń fi óòmù 50 sí, ó sì ń jẹ iná gan-an. Ìgbémì ni mo máa kọ sínú ìwé tèmi, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀.

Mẹkáníìkì
Àwa ò ní yí "olórí wáyà" padà o.