Lẹ́tà I ló wà níwájú kọ́ọ̀sì mi: báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí máàkì mi máa já sí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àìsàn dá mi wó lópin sáà, mo sì pẹ́ kí n tó fi iṣẹ́ àkànṣe kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀. Ó ti wà lọ́wọ́ olùkọ́ báyìí, ṣùgbọ́n wọn ò tíì máàkì rẹ̀, lẹ́tà I, ìyẹn “kò tíì parí”, ni mo sì ń rí.

Nínú 100, iṣẹ́ àṣetiléwá ló ni 20, mo gba 75 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀. Ìdánwò àárín sáà ni 20, mo gba 60. Ìdánwò àṣekágbá ni 30, mo gba 58. Iṣẹ́ àkànṣe yìí ló ni 30 tó kù. Lọ́dọ̀ wa, 70 ni A ti bẹ̀rẹ̀, 60 ni B, 50 ni C. Pọ́ìńtì wọn jẹ́ 4, 3 àti 2.

GPA mi jẹ́ 3.25 lórí yúníìtì 12, kọ́ọ̀sì yìí sì jẹ́ yúníìtì 4. Bí GPA mi ò bá tó 3.0, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ mi ti lọ nìyẹn. Mi ò rí oorun sùn mọ́.

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé ara ti le? Èmi náà rí I nígbà kan. Mi ò jókòó fún ìdánwò ni, wọ́n sì ní kí n tún kọ́ọ̀sì náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Tètè lọ forúkọ sílẹ̀ fún un ní sáà tó ń bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta
Ẹ ṣé, mà. Ara ti yá. Àmọ́ mo kọ ìdánwò mi, mo sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Máàkì rẹ̀ nìkan ló kù.

Ọ̀rẹ́ Kíláàsì
Kò le rárá. 15, 12 àti 17.4 jẹ́ 44.4 nínú 70. Tó o bá sọ ọ́ di ti ọgọ́rùn-ún, 63.4 ni. B nìyẹn. Lọ sùn.

Bàbá Ìṣirò
44.4 yẹn tọ̀nà. Ohun tí 63.4 ń sọ ni pé iṣẹ́ àkànṣe máa rí bákan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, ta ló sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wa?

Ọmọ mi, wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ná. Bí wọ́n bá fún ẹ ní òdo, orí 44.4 lo máa wà. Bí o bá gbà á tán, 74.4 ni. Lẹ́tà A ṣì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n wàá nílò 85.4 nínú iṣẹ́ náà. B ló kàn ọ́ jù, nítorí náà béèrè iye tó máa gbé ẹ dé 60:

```
=(60-44.4)/0.3
```

Ìdáhùn rẹ̀ ni 52. Wá gbé e lọ sórí GPA. Yúníìtì 12 lọ́nà 3.25 fún ẹ ní pọ́ìńtì 39. B á fi 12 kún un, yóò di 51; pín in sí 16, ó jẹ́ 3.19. C á fi 8 péré kún un, yóò di 47, GPA á sì bọ́ sí 2.94. Owó ìrànwọ́ rẹ wà lórí 52 yẹn gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta
Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀, sà. Àmọ́ ìwé kọ́ọ̀sì ní wọ́n máa yọ 10% lára iṣẹ́ tó bá pẹ́.

Ọ̀rẹ́ Kíláàsì
62 lo nílò nígbà náà.

Bàbá Ìṣirò
Bó bá jẹ́ máàkì 10 gbáko ni wọ́n ń yọ, òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó gbà ni, 57.8 á tó o. Bí iṣẹ́ náà bá dára tó ti àṣetiléwá, tó gba 75, yóò ṣẹ́ku 65 tàbí 67.5, B ṣì ni. Àmọ́ 60 á di 50 tàbí 54: èkíní á fún ẹ ní C, èkejì á fún ẹ ní B. Nítorí náà béèrè èyí tí wọ́n ń lò, kó o sì béèrè bóyá àìsàn rẹ á jẹ́ kí wọ́n yọ̀ǹda ẹ.

Ohun mìíràn tó ń bà mí lẹ́rù ni ọjọ́ tí I máa dópin. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń sọ ọ́ di F bí máàkì ò bá tíì dé, kódà bó jẹ́ olùkọ́ ló falẹ̀. F á sọ GPA rẹ di 2.44. Wá ọjọ́ náà rí, kó o kọ̀wé sí olùkọ́ kó tó pé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta
Mo ti rí ọjọ́ náà: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Mo ti kọ̀wé sí wọn nípa 10% yẹn, wọn ò tíì fèsì.

Ìyá Ìbejì
Mú ìwé dókítà lọ́wọ́, ọmọ mi, kó o lọ bá wọn ní ọ́fíìsì.