Ṣé ẹnu ṣájà máa ń "fẹ̀" lóòótọ́?

Akọ̀wé, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìwé kékeré kan fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe fóònù. Kí ni ká máa pe ihò tí wọ́n ń ki okùn ṣájà bọ̀? Bí kò bá di okùn mú mọ́, ṣé "ó ti fẹ̀" ni ká kọ? Ìdọ̀tí bí òwú tó ń kó sínú ẹ̀ ńkọ́?

Olùkọ́ Èdè, Adó-Èkìtì:
"Ihò ìgbaná" ni kẹ́ ẹ kọ. "Ẹnu ṣájà" tí gbogbo ayé ń pè é kò tọ̀nà, torí ṣájà kọ́ ló lẹ́nu, fóònù ni. Ẹ ò sì lè pè é ní ẹnu fóònù, ẹlòmíì á rò pé ibi tí à ń sọ̀rọ̀ sí ni. Ní ti "fẹ̀", kò sóhun tó ṣe é. Ihò tí wọ́n bá ń ki nǹkan bọ̀ lójoojúmọ́, dandan ni kó fẹ̀, bí ihò bọ́tìnnì ẹ̀wù tó ti gbó. "Ẹ̀gbọ̀n òwú" ni ẹ pe ìdọ̀tí yẹn.

Atúnfóònùṣe, Òṣogbo:
Olùkọ́, mo gbà fún yín lórí gírámà, ṣùgbọ́n "fẹ̀" yẹn ló ń kó àwọn oníbàárà sí gbèsè. Ẹni tó bá ti wọlé tó ní ẹnu ṣájà òun ti fẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ti dájọ́ pé kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Oníṣẹ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ò ní bá a jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tó gbé fóònù Táìpù Sí wá. Ẹnì kan ti bu owó lé e pé ẹnu ṣájà ni. Mo ki okùn tèmi bọ̀ ọ́, kò wọlé tán: àlàfo bí ìnípọn èékánná kù láàárín orí okùn àti ara fóònù. Bí mo sì ṣe tì í, ó ń tì mí padà díẹ̀díẹ̀. Ohun tó fẹ̀ kì í tini padà. Mo pa fóònù náà pátápátá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nínú Táìpù Sí, pẹlẹbẹ kékeré kan wà láàárín, ara ẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ni àwọn irin tó ń gba iná wà. Ẹ̀yìn pẹlẹbẹ yẹn, ní ìsàlẹ̀ ihò pátápátá, ni ìdọ̀tí àpò máa ń sá sí. Gbogbo ìgbà téèyàn bá sì ki okùn bọ̀ ọ́ ló ń kì í mọ́lẹ̀ sí i, títí á fi le.

Ìtayín onígi ni mo lò, mo fi bíléèdì fá orí ẹ̀ kó lè tín-ínrín. Mo gbà á gba ẹ̀gbẹ́, láàárín pẹlẹbẹ àti ògiri ihò, mo ń wá a láti igun bọ̀ níta. Ẹ má gún un sínú, ẹ má sì fi pẹlẹbẹ yẹn ṣe ibi ìfaratì, torí bó bá kán, ó di pípààrọ̀ tòótọ́ nìyẹn. Ẹ má lo abẹ́rẹ́ tàbí píìnì: irin máa ń họ àwọ̀ tó wà lára irin ìgbaná, ó sì lè so méjì nínú wọn pọ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ lẹ ń fẹ́ sí i. Ohun tó jáde lọ́jọ́ yẹn dúdú, ó sì fẹ́lẹ́ bí awẹ́ aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn okùn dún "kọ́", ó dì.

Ṣé ẹnu yẹn fẹ̀? Ó dí ni.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣeun o. Tèmi náà fẹ̀, mo rò bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ki okùn bọ̀ ọ́, á dún, á wá gbé àwòrán ẹ̀kán omi jáde, kò ní gba iná. Àbúrò mi ní kí n rì í sínú ìrẹsì. Ṣé kí n ra ẹnu tuntun ni?

Atúnfóònùṣe, Òṣogbo:
Ìyá Ìbejì, tiyín kò fẹ̀, kò sì dí. Ọ̀rinrin ló rí. Ẹ yọ okùn, ẹ pa á, ẹ dojú ihò náà kọlẹ̀, ẹ rọra fi gbá àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ wá gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹ jìnnà sí ìrẹsì, èérún ẹ̀ á tún wọ inú ihò. Ẹ má sì ki ìtayín bọ̀ ọ́ nígbà tó bá tutù. Bó bá gbẹ dáadáa tó ṣì ń gbé àwòrán yẹn jáde, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì: bí ẹ bá rí ohun bí ewé tútù lára irin, ìpata ni, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́.

Olùkọ́ Èdè, Adó-Èkìtì:
Ó dáa, "dí" wà. Ṣé ẹ wá fẹ́ sọ pé kò sí èyí tó ń fẹ̀ rárá ni? Ti ọmọ mi, okùn fúnra ẹ̀ ló ń yọ dànù, wọ́n sì ti nu ihò náà.

Atúnfóònùṣe, Òṣogbo:
Ẹ ki okùn ọmọ yín bọ fóònù ẹlòmíì. Bó bá yọ níbẹ̀ náà, orí okùn ló ti rọ̀. Nínú Táìpù Sí, orí okùn ni irin tó ń di ara mú wà, kì í ṣe inú fóònù, okùn ló sì yẹ kó kọ́kọ́ gbó. Ìlànà Táìpù Sí tó jáde ní 2014 ní kó lè gba kíkì-bọ̀ àti yíyọ 10,000 ìgbà. Ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ á lò ó ju ọdún 13 lọ.

Láti mọ èyí tó kan pípààrọ̀, ẹ ki okùn tó dáa bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti nu ihò, kẹ́ ẹ wá rọra mì ín. Bí òrùka irin tó yí ihò náà ká bá ń bá okùn mì, tí iná ń wá tó ń lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti já kúrò lára bọ́ọ̀dù nìyẹn. "Ó ti yẹ̀" ni mo máa ń pe ìyẹn, bí a ṣe ń sọ pé egungun yẹ̀. Bí pẹlẹbẹ bá ti wọ́, tàbí irin ẹ̀ jó dúdú, pípààrọ̀ náà ni.

Ẹ bi oníṣẹ́ bóyá bọ́ọ̀dù kékeré ni ẹnu náà jókòó lé, àbí bọ́ọ̀dù ńlá. Kékeré, súkúrúù ni wọ́n máa tú, kì í pẹ́. Ti ńlá, iná afẹ́fẹ́ gbígbóná ni wọ́n fi ń yọ ọ́, ọwọ́ tí kò dá a mọ̀ lè ba nǹkan mìíì jẹ́. Ẹ dán máíìkì wò kẹ́ ẹ tó sanwó, torí lára bọ́ọ̀dù kékeré yẹn ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù. Ẹ tún wò ó bóyá ó ṣì ń gba iná kíákíá bíi ti tẹ́lẹ̀, torí ayédèrú kì í sábà ṣe é.

Ọmọ Èkó ní Pẹ́kámù, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lé "fẹ̀" jáde. Àìfóònù tó jáde láti 2012 títí dé 2022 kò ní pẹlẹbẹ kankan nínú, orí okùn ni pẹlẹbẹ wà. Irin tó ń di okùn mú, inú fóònù ló wà. Ti bẹ́ẹ̀ yẹn lè rọ̀ nínú fóònù fúnra ẹ̀. Ìdọ̀tí ṣì ni ẹ kọ́kọ́ máa wò o, tèmi dí gan-an, àpò jákẹ́ẹ̀tì òtútù ló fà á.

Olùkọ́ Èdè, Adó-Èkìtì:
Ó "rọ̀" nìyẹn, kò "fẹ̀". Mo fara mọ́ dí, rọ̀ àti yẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní ẹnu ṣájà.

Akọ̀wé, Ìbàdàn:
Àwọn ọmọṣẹ́ ò ní pè é ní ihò ìgbaná, Olùkọ́. Mo ti ń gbọ́ wọn. "Ìdọ̀tí àpò" tí oníṣẹ́ pè é wù mí ju ẹ̀gbọ̀n òwú lọ, torí òwú tó mọ́ ni mo mọ̀ sí ẹ̀gbọ̀n. Ta ló tún ní òmíràn?