Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ímeèlì tí mo ní mo fẹ́ kọ

Ìbéèrè mi: “Ọ̀kadà díẹ̀ la fi ń gbé ọjà lọ fún oníbàárà l'Ádó-Èkìtì. Kí ni kí n kọ sí máníjà ilé ìtajà ńlá kó lè gbé iṣẹ́ fún wa?”

Máníjà náà ti pè mí, ẹ ṣeun. Ẹni tó ní kí n dín owó kù jàre díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe owó ni màmá náà kọ́kọ́ bi mí. Ìmọ̀ràn Ẹ̀gbọ́n kan tó dá mi lóhùn ló ṣiṣẹ́: mo yọ ìtàn ilé-iṣẹ́ wa kúrò, mo ní ká fi ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ nìkan dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kọ ẹni tí yóò san owó ọ̀nà bí oníbàárà ò bá sí nílé, àti pé owó ọjà tá a bá gbà yóò wọ àpò ilé ìtajà náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí ló mú un pè. Ti ẹrù tó bá fọ́ lọ́nà la ò tíì fẹnu kò lé.