Ìyára ìdáhùn tàbí ìpàwọ̀dà?

Ọmọ Ọjà-Ọba, Ìlọrin: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ra mọ́nítọ̀ gémù. Wọ́n kọ 144 Hz àti 1 ms sí i lára, irú gíláàsì VA ló ní. Àmọ́ bí mo bá ń sáré nínú òkùnkùn gémù, èérí dúdú máa ń wọ́ tẹ̀lé gbogbo nǹkan. Ẹni tó tà á ní "ìyára ìdáhùn" rẹ̀, ìyẹn response time, pé. Kí là ń pè báyìí?

Tísà Òró: Ìdáhùn kẹ̀! Dá ohùn ni. Ohùn wo ni gíláàsì ní? Ìyára kọ́ ni wọ́n sì ń kà, àkókò ni: ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdá ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Ìpàwọ̀dà ni kí ẹ pè é, torí píksẹ̀lì ń pa àwọ̀ dà bí agẹmọ. 144 yẹn lọ́tọ̀: ìtúnya ni, iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ ń tún àwòrán ya láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àgbà Ọ̀fà: Tísà, aṣọ náà ń ya! Bí gémù àti mọ́nítọ̀ kò bá rìn pọ̀, àwòrán á ya sí méjì lóòótọ́. Èwo wá ni ìtúnya? Bí ìyá wa bá tún ògiri rẹ́, wọ́n á ní àwọ́n sọ ọ́ dọ̀tun. Ìsọdọ̀tun ni. Ọmọ, ra 240 Hz, èérí á lọ.

Atúnkọ̀ǹpútà Ọmù-Àrán: Bàbá, ẹ má jẹ́ kó náwó dànù. Ẹ fi 144 pín 1000: bíi 7 ms ni àwòrán kan ń gbé kí òmíràn tó dé. VA olówó pọ́ọ́kú lè lò ju 20 ms lọ kó tó kúrò nínú dúdú bọ́ sí eérú tó ṣú. Àwòrán méjì ti dé bá a lẹ́nu rẹ̀. Òun ni èérí yẹn. 240 kò yí ìyẹn padà. 1 ms ara páálí, ibi tó ti yá jù lọ ni wọ́n wọ̀n.

Ọmọ, kọ́kọ́ wo Advanced display nínú Windows, ó lè jẹ́ 60 ló ṣì wà. Lẹ́yìn náà, nínú ètò mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀, gbé Overdrive, tó ń mú píksẹ̀lì yára pàwọ̀ dà, sí àárín. Bó o bá tì í dé òpin, ìrù funfun ni yóò rọ́pò dúdú. Bó bá jẹ́ gémù òkùnkùn lo ń ṣe jù, irú gíláàsì IPS ló yẹ ọ́, bí dúdú rẹ̀ tilẹ̀ ń rí bí eérú lóru.

Ìyá Ìbejì, Ṣàárẹ́: Tèmi ń ṣẹ́jú ṣáá bí a bá tan jẹnẹrétọ̀. Ṣé ìpàwọ̀dà náà ni?

Atúnkọ̀ǹpútà Ọmù-Àrán: Rárá mà, iná ni. Ẹ wo sítábíláísà.

Ọmọ Ọjà-Ọba, Ìlọrin: Ẹ ṣé sà. 60 ló wà lóòótọ́! Mo gbé e sí 144, mo gbé Overdrive sí àárín. Ó ń lọ geere báyìí, èérí dín kù, àmọ́ kò tán. Ipawoda re o.

Àgbà Ọ̀fà: Láìlámì, owó ni mo kà níbẹ̀.

Tísà Òró: Ìsọdọ̀tun tiyín ńkọ́, ẹ fàmì sí i dáadáa?