Ẹ wá sọ ìrírí yín: náírà, sẹfà àti dọ́là nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo

Àdùkẹ́ Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún mẹ́ta fún iṣẹ́ omi tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, ìletò kan lẹ́bàá Ìmẹ̀kọ, ìkejì lápá Kétu ní Bẹ̀nẹ̀. Yúrò ni wọ́n máa fún wa. Owó òṣìṣẹ́ àti ti ọkọ̀ máa jẹ́ náírà níhìn-ín, sẹfà lọ́hùn-ún, dọ́là la sì máa fi ra pọ́ńpù àti páńẹ́ẹ̀lì oòrùn. Àwọn tó ń fún wa lówó ní kí n kọ iye tí mo rò pé owó kọ̀ọ̀kan máa jẹ́, àti bí ọjà ṣe máa gbówó lórí sí lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí lojú yín rí?

Bàbá Ìbejì Ọ̀tà
Fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé gbogbo rẹ̀, kí o lọ sùn.

Ìyá Ìṣirò
Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Bí ẹ bá fi ìdá 30 lé owó sẹfà àti ti pọ́ńpù, ẹni tó ń fúnni lówó máa rí i lójú ẹsẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìyókù.

Àdùkẹ́, ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ nìyí. Èèyàn á gbé owó náírà, á fi bí ọjà ṣe ń wọ́n sí lé e lọ́dọọdún, á wá fi iye tí dọ́là jẹ́ lónìí pín in títí dé ọdún kẹta. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ò lè jọ jóòótọ́. Bí ọjà bá ń fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n lọ́dún nílẹ̀ wa, tí tòkèèrè ò ju ìdá 3 lọ, náírà ò lè dúró sójú kan bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan tí mo bá wọn ṣe l'Abẹ́òkúta wò ó. Níbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan ní báǹkì jẹ́ nǹkan bí 460 náírà. Ìnáwó wọn nílẹ̀ wa jẹ́ mílíọ̀nù 46 náírà lọ́dún, ìyẹn 100,000 dọ́là. Lọ́dún kejì, bí ọjà bá fi ìdá 25 wọ́n sí, ó di mílíọ̀nù 57.5. Bí ẹ bá ṣì fi 460 pín in, ẹ máa bèèrè 125,000 dọ́là, owó yẹn sì ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí náírà náà rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, 460 lọ́nà 1.25, kí ẹ pín in sí 1.03, dọ́là kan á di 558. Mílíọ̀nù 57.5 sí 558 kò ju 103,000 dọ́là lọ. Ìdá 3 péré ló lé, ìdá 3 tòkèèrè yẹn náà sì ni.

Ẹlòmíì á ṣe òdìkejì. Á jẹ́ kí náírà já, á gbàgbé pé ọjà ń wọ́n. Mílíọ̀nù 46 sí 558 jẹ́ nǹkan bí 82,400. Ẹni yẹn máa jẹ gbèsè kí ọdún kejì tó parí.

Sàkí Lọ́mọ
Àǹtí, ìwé yín dùn-ún kà, ṣùgbọ́n ta ló rí 558 lójú rí? Oṣù Kẹfà 2023 ni mo mọ̀. A sùn, a jí, ó ti di 750.

Ìyá Ìṣirò
Òótọ́ ni. Ọ̀nà tí mo sọ yẹn, ibi tí nǹkan ń lọ lápapọ̀ ló ń fi hàn, kì í ṣe ọjọ́ tó máa débẹ̀. Níbi tí ìjọba bá ti ń di owó mú, kì í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á dúró gbọnin, á wá já lójijì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ṣe ojú ìwé méjì: ọ̀kan tí náírà ń rẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀kan tó já ní ìdá 40 lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ọdún kejì. Ìkejì yẹn ni mo fi ń mọ iṣẹ́ tó máa kọ́kọ́ dúró.

Akọ̀wé-owó
Àwa kan jèrè níbẹ̀ o. Dọ́là ni owó wa wà, náírà la ń ná. Ìparí 2023, dọ́là kan ti tó nǹkan bí 900 ní báǹkì, bẹ́ẹ̀ àjọ ìṣirò ìjọba sọ pé ìdá 28.92 ni ọjà fi wọ́n sí láàárín ọdún yẹn. Ohun tá a kọ 100,000 dọ́là sí, kò gbà ju 66,000 lọ. Inú wa dùn títí lẹ́tà fi dé: kí a dá ìyókù padà.

Bàbá Ìbejì Ọ̀tà
Ẹ dá a padà bí i báwo? Owó tí wọ́n ti fún yín!

Akọ̀wé-owó
Ohun tó wà nínú àdéhùn nìyẹn, sà. Ohun tí a ò bá ná, tiwọn ni.

Sàkí Lọ́mọ
Ẹ̀tàn ni. Tí náírà bá gòkè, wọn ò ní fi kún un fún yín.

Àdùkẹ́ Bódìjà
Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe sí i? Ṣé ẹ dá a padà lóòótọ́?

Akọ̀wé-owó
A dá díẹ̀ padà. Ìyókù, a kọ̀wé pé kí a fi gbẹ́ kànga méjì sí i, wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì ló jèrè o. Látọjọ́ tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, 29 Oṣù Karùn-ún 2023, lítà kan tó wà ní nǹkan bí 190 ti kọjá 500 kíákíá. Owó ọkọ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, dọ́là ò sì di ìlọ́po méjì pàápàá. Èrè wà lórí owó oṣù, àdánù wà lórí epo. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìlà kan, ẹ ò ní rí ìkankan nínú méjèèjì.

Ìyá Ìṣirò
Ẹ̀gbọ́n, èrè orí owó oṣù yẹn ṣì kù díẹ̀ káàtó. Òṣìṣẹ́ yín ló gbé àdánù náà. Owó oṣù tó dúró sójú kan nígbà tí gaàrí ń lọ sókè, àwọn èèyàn á fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún, ẹni tuntun tí ẹ bá gbà ò sì ní gba iye àtijọ́. Mo máa ń kọ àfikún owó oṣù sí bọ́jẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀, Oṣù Kìíní kọ̀ọ̀kan.

Pẹ́kámù Olówó
Ẹ bá mi wá ojútùú. Mo ń fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ sílé láti Lọ́ńdọ̀nù lóṣooṣù, ṣé kí n dúró kó tún gòkè ni àbí kí n fi ránṣẹ́ báyìí?

Bàbá Ìbejì Ọ̀tà
Fi tèmi ránṣẹ́ báyìí.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ káàárọ̀ o, láti Pọ́tọ̀ Nófò. Àwa tí a ń ná sẹfà ò ní wàhálà yín. Yúrò kan, 655.957 sẹfà, láti ọjọ́ tí yúrò ti dé. Àdùkẹ́, ti Kétu, kọ iye yẹn síbẹ̀, o ti parí.

Ìyá Ìṣirò
Bùrọ̀dá, ìdajì òótọ́ ni. Yúrò àti sẹfà wọnú ara wọn, àmọ́ pọ́ńpù yín, dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ní Oṣù Kìíní 2022, yúrò kan ń lọ sí nǹkan bí dọ́là 1.13. Nígbà tó fi máa di ìparí Oṣù Kẹsàn-án, kò tó dọ́là kan mọ́. Ẹ̀rọ 60,000 dọ́là tí èèyàn kọ 53,100 yúrò sí níbẹ̀rẹ̀ ọdún, bí ó bá jẹ́ 0.98 ló rà á, ó ti ju 61,200 lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ yúrò bẹ́ẹ̀, bí sẹfà ò tilẹ̀ mì. Bí ó bá jẹ́ pé owó ìrànwọ́ yìí wọlé lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ ra ẹ̀rọ náà kíá, ẹ má gbé e dé ọdún kejì.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Mo gbà fún yín lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n sẹfà ò jábọ́.

Àgbà Òwò
Sẹfà ò jábọ́ kẹ̀? Mo ti ń ta aṣọ ní Dàńtókpá ní Oṣù Kìíní 1994. Fráǹkì Faransé kan, 50 sẹfà lalẹ́, 100 lówùúrọ̀. Ọjà wa di ìlọ́po méjì kó tó di ọ̀sán. Ẹ má sọ pé owó ò lè já níwájú mi.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Bàbá, ìyẹn ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Àgbà Òwò
Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi di ohun tó wà níbẹ̀ mú kó tó já.

Àdùkẹ́ Bódìjà
Ẹ ṣé o. Ìbéèrè mi tó kù: iye wo ni kí n kọ fún náírà lọ́dún àkọ́kọ́? Ti báǹkì ni àbí ti àwọn aláboki tó ń ṣẹ́ owó níta?

Sàkí Lọ́mọ
Ti aláboki. Ibẹ̀ ni ọjà wà.

Akọ̀wé-owó
Rárá o! Iye tí báǹkì yín fi ṣẹ́ owó tó wọlé ni kí ẹ kọ, kí ẹ tọ́jú ìwé tí báǹkì fi hàn yín. Aṣàyẹ̀wò owó ò ní gba tìta. Ṣùgbọ́n ohun tí Sàkí ń sọ ò kúrò lẹ́nu, torí kó tó di Oṣù Kẹfà 2023, 1,000 dọ́là wa ń di 460,000 náírà ní báǹkì, tó sì jẹ́ pé ìta ló kọ́ ẹni tó ń ta páńẹ́ẹ̀lì fún wa ní iye tó máa tà, ọgọ́rùn-ún méje náírà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí dọ́là kan. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ti jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó wa lọ. Èrè tí a rí lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú rẹ̀, owó wa tó ti sọnù ló padà.

Bàbá Ìbejì Ọ̀tà
Ìyẹn ni mo fi sọ ìdá 30.

Ìyá Ìṣirò
Bàbá Ìbejì, ẹ ò fẹ́ jẹ́ ká sinmi. Àdùkẹ́, báwọn Ẹ̀gbọ́n ṣe wí ni: iye báǹkì, kọ ọjọ́ tí o wò ó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kọ gbogbo ohun tí o máa ná ní náírà sí náírà, sẹfà sí sẹfà, dọ́là sí dọ́là, ní iye ọjà òde òní. Orí ojú ìwé mìíràn, tí o pè ní Iye, ni kí bí ọjà ṣe ń wọ́n àti iye owó kọ̀ọ̀kan wà, ọdọọdún. Ní ọdún kẹta, ti náírà á rí báyìí:

```
=B5*(1+Iye!$C$2)^2/Iye!$D$4
```

B5 ni ohun tó jẹ́ lónìí ní náírà, C2 ni bí ọjà ṣe ń wọ́n lọ́dún, D4 ni iye yúrò kan lọ́dún kẹta. Bí ọ̀kan bá yí, kò ní yí ohun tó wà ní B5.

Kí o tó fọwọ́ sí àdéhùn, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí iye náírà bá fi ju ìdá 10 lọ yàtọ̀ sí ohun tí o kọ, ẹ máa jọ ṣí bọ́jẹ́ẹ̀tì náà wò. Kí wọ́n kọ èrè náà sí i o, kì í ṣe àdánù nìkan.

Akọ̀wé-owó
Ìdá 10 kéré jù ní Nàìjíríà. Ẹ máa kọ̀wé lóṣooṣù.

Ìyá Ìṣirò
Ẹ̀gbọ́n, ìdá 20 ló máa tó yín? Ẹ fi mílíọ̀nù 46 wò ó ná.

Akọ̀wé-owó
15. Kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, àti lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, kì í ṣe ìgbàkígbà.

Àdùkẹ́ Bódìjà
Wọ́n ti kọ̀wé padà sí mi lórí èyí láàárọ̀ yìí: wọn ò fẹ́ ìlà kankan nípa èrè. Wọ́n ní ti àdánù ni ká máa sọ. Ta ló ti rí ẹni tó yí wọn lọ́kàn padà?