Kí la máa pe irú fáìlì yìí?

Olùbéèrè: Ẹ káàsán o. Mo fi fóònù ya ojú ìwé 412, mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sínú pí-dí-ẹ́ẹ̀fù kan téèyàn lè wá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Kí là ń pe irú ẹ̀ ní Yorùbá? Mo kọ "fáìlì aṣeéwá", ọ̀rẹ́ mi ní kò yé òun.

Olùkọ́: Ọ̀rẹ́ rẹ ò jẹ̀bi. Ṣé fáìlì fúnra ẹ̀ la ń wá ni àbí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀? Èmi á pè é ní "àwòrán-dọ̀rọ̀", torí àwòrán ló di ọ̀rọ̀.

Atẹ̀wé: Ẹ má bínú sà, ibẹ̀ lẹ ti ṣì í. Àwòrán ò di nǹkan kan, ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kàn kà á ni, ó wá to ọ̀rọ̀ tó rò pé òun rí sójú ibi tó ti rí i, àmọ́ ojú tiwa ò lè rí i. Nǹkan méjì ló wà nínú ojú ìwé kan, ìkan la ń wò, èkejì la ń wá. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè máa wo "ọkọ̀" ketekete, kẹ́ ẹ wá a, kó ní kò sí. Ẹ kọ́pì ọ̀rọ̀ yẹn látinú fáìlì, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ síbòmíì, ẹ máa rí i pé "oko" ló kà. Èmi ń pè é ní "fáìlì alọ́rọ̀-àfarasin".

Ìyá Ìbejì: Ẹ sáà pè é ní sikáànì jàre! Tèmi, ojú ìwé 10 ló tẹ̀ lé 1, 2 wá wà lẹ́yìn 19, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?

Atẹ̀wé: Rádaràda ni, ìyá wa 😄 Kọ̀ǹpútà ń to orúkọ fáìlì bíi lẹ́tà, kì í ṣe bíi nọ́ńbà. `sort -V` ló ń tún un ṣe, kò kàn gbọdọ̀ sí àyè láàárín orúkọ fáìlì:

```
img2pdf --pagesize A4 $(ls *.jpg | sort -V) -o odidi.pdf
ocrmypdf -l yor odidi.pdf tuntun.pdf
```

Ìlà kìíní ló ń kó àwọn àwòrán sínú pí-dí-ẹ́ẹ̀fù kan, ìkejì ló ń ka ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé `-l yor`, Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi kà á, àmì ìsàlẹ̀ á sì fò lọ. Kẹ́ ẹ fi ojú ìwé márùn-ún dán an wò ná kẹ́ ẹ tó kó 412 sí i.

Olùkọ́: Ó yé mi, mo gbé ọwọ́ kúrò lórí "dọ̀rọ̀". Àmọ́ "àfarasin" ń dún bíi pé ẹnì kan jí nǹkan gbé. "Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán" ńkọ́?

Atẹ̀wé: Kò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe abẹ́ ló máa ń wà nígbà gbogbo, òkè náà lè jẹ́ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Olùbéèrè: Mo ti fi márùn-ún dán an wò. Mẹ́rin dáa, ìkan tó jẹ́ ìkọ̀wé ọwọ́, mo kọ́pì ẹ̀, "lll ~ rn vv" ló gbé jáde. Ṣé ìyẹn náà ọ̀rọ̀ ni ká pè é?

Olùkọ́: Hàà. Ẹ jẹ́ n sùn lé ìyẹn lórí.